Ẹyọ Ìgbálẹ̀ Tí Oníbàárà Mú Wá: Bí A Ṣe Ṣe Pákó Ìwọ̀n Bàtà Ọmọdé

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta bàtà ọmọdé ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí jù, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta fìlà tàbí ṣòkòtò ọmọ náà lè rí nǹkan mú níbẹ̀.

Gbogbo wa la mọ̀ pé nígbà tí oṣù September bá ti fẹ́ wọlé, àwọn ìyá láti Ajáàwà, láti Ìkòyí àti láti abà gbogbo tó yí Ògbómọ̀ṣọ́ ká á máa wá ra bàtà iléèwé. Púpọ̀ nínú wọn kì í mú ọmọ wá. Owó ọkọ̀ ọmọ mẹ́ta kì í ṣe kékeré, iṣẹ́ oko sì wà nílẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń mú wá ni ẹyọ ìgbálẹ̀ tí wọ́n ti ṣẹ́ sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ ọmọ. Wọ́n á yọ ọ́ nínú pọ́ọ̀sì, wọ́n á ní, "Ìyá, ẹ bá mi fi èyí wo bàtà tó máa gbà á." Àwa náà á ki ìgbálẹ̀ bọ inú bàtà, tó bá wọ̀ ọ́, a ti tà á nìyẹn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, bàtà á padà dé. Ó há. Ó bó ọmọ lẹ́sẹ̀. Bàtà ti rìn nínú iyẹ̀pẹ̀, a ò lè tà á ní tuntun mọ́, ìyá ọmọ náà ò sì ní owó mìíràn. Níbẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ara bàtà ni nọ́ńbà wà, ọwọ́ oníbàárà ni ìgbálẹ̀ wà, àwọn méjèèjì ò sì gbọ́ èdè ara wọn. Àwa kan nínú ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé dípò tí a ó fi máa sọ fún oníbàárà pé kó lọ wá nọ́ńbà, ẹ jẹ́ ká ṣe ohun tí yóò máa ka ìgbálẹ̀ rẹ̀. Ohun náà la pè ní pákó ìwọ̀n. A fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ṣe é àti ibi tí a ti kọ́kọ́ ṣìṣe, kí ẹni tó bá fẹ́ lè ṣe tirẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni ohun tí nọ́ńbà ara bàtà ń sọ. Nọ́ńbà 24, 27, 30 tí ẹ ń rí lára ọ̀pọ̀ bàtà ọmọdé wa, ìwọ̀n àwọn ará Faransé ni. Nọ́ńbà kan sí èkejì jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta sẹ̀ǹtímítà. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín. Bí ẹ ṣe máa rántí rẹ̀ ni pé tí nọ́ńbà bá fi mẹ́ta gun òkè, bàtà fi sẹ̀ǹtímítà méjì gùn sí i. Nọ́ńbà 24, sẹ̀ǹtí 16 ló yẹ kí inú rẹ̀ jẹ́. Nọ́ńbà 27, sẹ̀ǹtí 18. Nọ́ńbà 30, sẹ̀ǹtí 20. Nọ́ńbà 33, sẹ̀ǹtí 22.

Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀. Láti ayé àtijọ́ ni wọ́n ti ń fi èso ọkà báálì wọn nǹkan. Tí wọ́n bá to èso mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, íǹṣì kan ni, gígùn èso kan ló sì jẹ́ nọ́ńbà bàtà kan. Bàtà ọmọdé tiwọn á ka títí dé 13, á wá tún padà bẹ̀rẹ̀ láti 1. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù á fi sọ lórí fóònù pé "10 lọmọ yìí ń wọ̀," tí ẹnu á sì ya ìyá tó wà nílé. Nọ́ńbà 10 ọmọdé ti Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí 28 ló jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ẹ wò ó, àwọn tó ń fi ọkà wọn ẹsẹ̀ kò ní láti fi àwa tó ń fi ìgbálẹ̀ wọ̀n ọ́n rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n ṣe tí àwa ò tíì ṣe ni pé wọ́n jọ fẹnu kò lórí bí ìwọ̀n náà ṣe máa rí.

Ní báyìí, ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ìyá kan láti Ajáàwà ṣe jẹ́, torí ibẹ̀ la ti rí àṣìṣe wa. Ìyá náà mú ìgbálẹ̀ wá, a wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ sẹ̀ǹtí 18 gẹ́lẹ́. A mú sáńdà nọ́ńbà 27, a ki ìgbálẹ̀ bọ̀ ọ́, orí rẹ̀ kan iwájú, ìdí rẹ̀ kan ẹ̀yìn, kò tẹ̀, kò sì mì. Inú tiwa àti ti ìyá náà dùn pé ó bá a mu rẹ́gí. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi mú bàtà padà pẹ̀lú ọmọ náà fúnra rẹ̀, tó ń tiro. Àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ká sínú, àtàǹpàkò rẹ̀ sì ti pọ́n.

A ní kí ọmọ náà dúró lórí ilẹ̀, a wọ̀n ọ́n níṣojú ìyá rẹ̀. Kì í ṣe 18, sẹ̀ǹtí 18 àti ààbọ̀ ni. A bi ìyá léèrè bó ṣe wọ̀n ọ́n. Ó ní ìgbà tí ọmọ sùn lálẹ́ lòun fi ìgbálẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀, torí tó bá lajú kì í dúró. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹsẹ̀ tó wà lórí ẹní kò gùn tó ẹsẹ̀ tó gbé ara. Tí ọmọ bá dìde dúró, ìwúwo ara á tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ á sì nà sí i.

Àṣìṣe kejì, tiwa ni, òun ló sì burú jù. Ìgbálẹ̀ tó kan iwájú tó sì kan ẹ̀yìn, a rò pé ó bá a mu ni, àmọ́ bàtà náà ti kéré tán. Tí ọmọ bá ń rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń sún síwájú díẹ̀ nínú bàtà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọmọ ń dàgbà. Ẹsẹ̀ ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi nǹkan bí sẹ̀ǹtí kan gùn sí i láàárín ọdún kan, ti ọmọ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn sì máa ń yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, inú bàtà gbọ́dọ̀ fi sẹ̀ǹtí kan, ó kéré tán, gùn ju ìgbálẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ti ọmọ Ajáàwà yẹn bó ṣe yẹ. Ẹsẹ̀ jẹ́ 18 àti ààbọ̀. A fi sẹ̀ǹtí kan kún un, ó di 19 àti ààbọ̀. Nọ́ńbà 29, inú rẹ̀ kò ju 19 àti ìdá mẹ́ta lọ, kò tó. Nọ́ńbà 30 jẹ́ 20, ó tó, ó sì ṣẹ́ sẹ̀ǹtí kan àti ààbọ̀ kù. Sáńdà onídè ni, ìdè rẹ̀ á di ẹsẹ̀ mú kó má baà máa yọ̀. Nọ́ńbà 30 la fún un. Ẹ wò ó pé 27 la kọ́kọ́ tà fún un. Nọ́ńbà mẹ́ta la fi ṣìṣe, orí ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo.

Bí a ṣe ṣe pákó náà rèé. A ní kí káfíńtà gé pákó pẹlẹbẹ kan fún wa, tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́, tó sì fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ó kan igi kékeré kan mọ́ orí rẹ̀ lápá kan, kó dúró gbọn-in. Igi yẹn ni ìdènà. Ibẹ̀ ni ìdí ìgbálẹ̀ máa kàn, ibẹ̀ náà ni gìgísẹ̀ ọmọ máa kàn tí ìyá bá mú ọmọ wá. Irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gbẹ́ni Brannock ṣe ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọdún 1920, onírin ni tirẹ̀, ṣọ́ọ̀bù bàtà lókè òkun ṣì ń lò ó títí di òní. Gìgísẹ̀ tó kan ìdènà ni ọgbọ́n rẹ̀. Tí ìbẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n bá ti ń sún, gbogbo ìwọ̀n á sún.

Lẹ́yìn ìyẹn a mú téèpù. Ẹ má lo téèpù àtijọ́ tó ti gbó, torí ó máa ń nà. Ẹ fi wé rúlà ọmọléèwé tí wọ́n fi igi tàbí ike ṣe, tí wọn ò bá dọ́gba, ẹ ju téèpù nù. Ẹ kíyè sí rúlà pẹ̀lú, torí òdo rẹ̀ kì í sábà bẹ̀rẹ̀ láti etí, ó máa ń wọlé díẹ̀. Ẹ sì rí i pé apá sẹ̀ǹtí lẹ̀ ń wò, kì í ṣe apá íǹṣì.

Láti ibi ìdènà, a fa ìlà fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n a ti yọ sẹ̀ǹtí kan tí ẹsẹ̀ fi ń mí kúrò. Ìyẹn ni pé ìlà 27 kò sí ní sẹ̀ǹtí 18, sẹ̀ǹtí 17 ló wà. Oníbàárà kò ní ṣírò kankan ṣe, pákó ti bá a ṣírò. Àwọn ìlà náà nìyí:

Nọ́ńbà 24, ìlà wà ní sẹ̀ǹtí 15.
Nọ́ńbà 25, ní 15.7.
Nọ́ńbà 26, ní 16.3.
Nọ́ńbà 27, ní 17.
Nọ́ńbà 28, ní 17.7.
Nọ́ńbà 29, ní 18.3.
Nọ́ńbà 30, ní 19.

Tí ẹ bá fẹ́ lọ sókè sí i, ẹ máa fi sẹ̀ǹtí méjì kún un fún nọ́ńbà mẹ́ta mẹ́ta: 33 wà ní 21, 36 wà ní 23. Òfin kan ṣoṣo ló wà lórí pákó: tí orí ìgbálẹ̀ bá ré ìlà kọjá, bó ti wù kó kéré mọ, ìlà tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ mú. A fi ọ̀dà pupa, àwọ̀ ewé àti dúdú kun àwọn ìlà náà ní àtẹ̀lé ara wọn, a sì lẹ bébà àwọ̀ kan náà mọ́ páálí bàtà. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò mọ ìwé kà náà lè fi mú bàtà tó tọ́.

Àmọ́ pákó nìkan kò tó, torí nọ́ńbà ara bàtà máa ń purọ́. A ti rí nọ́ńbà 28 oríṣi kan tí inú rẹ̀ kúrú ju 27 oríṣi mìíràn lọ. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ọwọ́ tirẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá kó ọjà tuntun dé, kí ẹ tó tà á, ẹ mú ìgbálẹ̀ gígùn kan, ẹ tì í wọ inú bàtà títí yóò fi kan iwájú, kó sùn pẹlẹbẹ lórí àtẹ̀mọ́lẹ̀ inú bàtà, kó má tẹ̀ kọ́rọkọ̀rọ. Ẹ fi èékánná sàmì sí ibi tó kan ẹ̀yìn, ẹ fà á yọ, ẹ wọ̀n ọ́n. Tí bàtà bá ní ẹnu ṣóńṣó, ẹ yọ ibi ṣóńṣó yẹn kúrò, torí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ò lè dé ibẹ̀. Tí nọ́ńbà 28 bá jẹ́ sẹ̀ǹtí 18 péré nínú, bí 27 ni kí ẹ máa tà á, kí ẹ sì lẹ àwọ̀ 27 mọ́ ọn.

Ó ku ti oníbàárà. A ò lè sọ fún ìyá pé kó má lo ìgbálẹ̀ mọ́, òun ló wà nílé rẹ̀, òun ló sì rọrùn. Ìgbálẹ̀ dára ju okùn lọ pàápàá, torí okùn máa ń nà, ìgbálẹ̀ kì í nà. Bí yóò ṣe wọ̀n ọ́n la ń kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tí a ń sọ fún wọn nìyí, ẹ̀yin náà lè kọ ọ́ sórí kádíbọ́ọ̀dù kí ẹ gbé e kọ́ sí ìsọ̀:

"Ìyá, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, torí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ lẹ́yìn eré ọ̀sán. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dìde dúró, kó fi gìgísẹ̀ kan ara ògiri. Ẹ tẹ́ ìgbálẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ìdí ìgbálẹ̀ kan ògiri náà. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀, torí ó máa tẹ̀ síbi kòtò ẹsẹ̀. Ẹ ṣẹ́ ẹ níbi tí ọmọ ìka tó gùn jù dé, torí kì í ṣe gbogbo ọmọ ni àtàǹpàkò rẹ̀ gùn jù. Ẹ wọn ẹsẹ̀ méjèèjì, èyí tó bá gùn jù ni kí ẹ mú wá."

Ohun kan wà tí a fi kún un nígbà tó yá. Ìgbálẹ̀ máa ń kán nínú pọ́ọ̀sì tàbí nínú ọkọ̀. Tí orí rẹ̀ bá kán díẹ̀, ìyá ò ní mọ̀, àwa náà ò ní mọ̀, a ó sì ta bàtà tó kéré. Ní báyìí a ní kí wọ́n so òwú mọ́ orí àti ìdí ìgbálẹ̀. Tí òwú kan ò bá sí mọ́, a mọ̀ pé ó ti kán, a ò ní tà á lọ́jọ́ náà. Ìyá tó bá ní ọmọ mẹ́ta, kó fi àwọ̀ òwú yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àwọn tó ń pe fóònù náà ń kọ́? Ẹ má gba fọ́tò ìgbálẹ̀ nìkan, fóònù máa ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ẹ ní kí wọ́n tẹ́ ẹ lé rúlà ọmọléèwé, kí ìdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbi òdo, kí wọ́n ka iye tó jẹ́. Tí ẹnì kan bá sọ pé "méje ni," ẹ tètè béèrè: méje kí ni? Íǹṣì méje fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtí 18. Tí ẹ bá rò pé nọ́ńbà bàtà ló ń sọ, ọjà yín máa padà.

Ẹ má retí pé pákó máa sọ gbogbo nǹkan fún yín. Ó ń sọ gígùn, kò sọ fífẹ̀. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹlẹbẹ tó sì gbòòrò, bàtà kọ́fà lè há a níhà kódà tí gígùn bá tọ́. Ẹ bi ìyá pé, "Ibo ni bàtà àtijọ́ ti kọ́kọ́ ya?" Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ni, ẹsẹ̀ gbòòrò nìyẹn, sáńdà onídè tó ṣeé tú ni kí ẹ fún un. Tó bá jẹ́ iwájú níbi àtàǹpàkò ni, bàtà ti kúrú fún un tipẹ́.

Àwọn ìyá kan wà pẹ̀lú tí wọ́n á ní, "Ẹ fún mi ní ńlá, yóò dàgbà bá a." A mọ̀ pé owó ló fà á, a ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n bàtà tó bá fi nọ́ńbà mẹ́ta tóbi ju ti ẹsẹ̀ lọ, ọmọ á máa wọ́ ọ nílẹ̀, á máa kọsẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì tètè tẹ̀. Tí ọmọ bá wà nítòsí, ẹ ní kó wọ bàtà, kó ti ẹsẹ̀ síwájú títí yóò fi kan iwájú. Tí ìka ìfábẹ̀lá kan bá wọ ẹ̀yìn gìgísẹ̀, ó dára. Tí ìka méjì bá wọ̀ ọ́ fàlàlà, ó ti pọ̀ jù.

Pákó tiwa wà ní ìsọ̀ níbí, ẹni tó bá fẹ́ ṣe tirẹ̀ lè mú pákó rẹ̀ wá kí a jọ fa ìlà rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe da ìlà kọ láti ara pákó ẹni tó dà á kọ láti ara ẹlòmíràn. Ara téèpù tó dára ni kí kálukú ti mú tirẹ̀, torí àṣìṣe kékeré máa ń bí sí i bó bá ṣe ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ọjà á tà o.

Àwa akọ̀wé yín ni.